Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé díẹ̀ ló kù ká gbé àwọn ọmọ lọ sí Ìléṣà: abẹ́rẹ́ wo ló yẹ kó ṣíwájú, oògùn ibà wo ni ká mú dání?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Pẹ́kàmù)
Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo yín o. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá la máa wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 9 oṣù Kìíní la ó sì kúrò nílé padà wá síbí. Èkó la máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, lẹ́yìn náà ó di Ìléṣà lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ mi. Òní ni ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, mi ò sì tíì ṣe nǹkan kan.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni èyí ẹ̀gbọ́n, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́tàlá. Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, wọn ò dé Nàìjíríà rí. Èmi fúnra mi ti kúrò nílé láti 2011, 2017 ni mo sì lọ kẹ́yìn. Ara àbúrò gbóná lọ́jọ́ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ èéyi tí wọ́n ń pè ní MMR, wọ́n bá sún un sí ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Ṣé ó lè gba ti ibà pọ́njú pẹ̀lú rẹ̀? Màmá ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ náwó sí oògùn ibà, pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ibà ò lè ṣe wọ́n bí àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Hàúsítìn
Àbúrò, ẹ má da ara yín láàmú. Ọdọọdún ni mò ń lọ sílé. Bí mo bá ti balẹ̀ sí Èkó, kẹ́míìsì ni mò ń yà sí, màá ra oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, èyí tó ní àtẹ́mẹ́tà nínú, màá lo gbogbo rẹ̀ tán kó fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ibà ò gbé mi dálẹ̀ rí. Oògùn tí wọ́n ń tà lókè òkun yẹn, owó ńlá ni, ó sì ń da inú ènìyàn rú. Ti ẹ̀fọn, ẹ ra nẹ́ẹ̀tì. Lórí ìyẹn, ohùn wa á ṣọ̀kan.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ má gbàgbé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ o! Láìsí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn ò ní fún yín ní físà. Ẹ tètè lọ dá ọjọ́ yín.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Pẹ́kàmù)
Ẹ ṣé o, àmọ́ ìyẹn wà fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ wá gbé níbí. Àwa ń ti ibí lọ sílé ni.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Áà, mo ti sáré kà á jù. Ẹ rántí mú ṣokoléètì bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Ìyá Ọlọ́mọ Méjì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ìrìn-àjò ni mò ń ṣe. Kí a tó débi oògùn, kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú, torí ibẹ̀ ni wàhálà yín wà.

Abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà pọ́njú, kòkòrò alààyè tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá gún ọmọ ní méjèèjì lọ́jọ́ kan náà tàbí tí wọ́n sún mọ́ra jù, ara ọmọ lè má gbà wọ́n wọlé bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sáàárín wọn níbí. Ìwé ẹ̀rí ibà pọ́njú, ìyẹn yẹ́lò káàdì, kì í sì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Bí àbúrò bá gba ti èéyi ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá lé e, ó di ọjọ́ 13. Ọjọ́ 12 lẹ sì ń lọ. Ọjọ́ kan péré ló máa já yín sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Port Health ní pápákọ̀ Èkó sì lè wo déètì yẹn.

Ẹ pe ilé dókítà yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ ní kí wọ́n fa ti èéyi síwájú sí ọjọ́ 29 oṣù yìí. Ti ibà pọ́njú á wá bọ́ sí ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, káàdì á sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Bí wọn ò bá ní àyè, ẹ yí i padà: ẹ gba ti ibà pọ́njú lọ́sẹ̀ yìí, kí ti èéyi tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí àkókò bá ti lọ pátápátá, a máa ń gún méjèèjì láì wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ká tún ti èéyi gún nígbà míì. Ẹ̀yin ò tíì dé ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé dókítà ló ń gún ti ibà pọ́njú o. Ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni, owó ara yín lẹ ó sì fi san án. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, kò rí bákan náà.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Pẹ́kàmù)
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n ti gba ti èéyi méjèèjì. Kí ló kù fún òun àti fún èmi?

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Fún ẹ̀gbọ́n, ìṣòro ò pọ̀: ti ibà pọ́njú, ti táífọ́ọ̀dì, àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń bá oúnjẹ àti omi wọlé, hẹpatáítìsì A. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ ìjọba níbí. Ẹ jẹ́ kí ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò, ó kéré tán. Táífọ́ọ̀dì kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, nítorí náà àbúrò á gba ti hẹpatáítìsì nìkan. Omi tí ẹ ó máa fún un ló máa gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ táífọ́ọ̀dì: ẹ sè é tàbí kí ẹ ra ti inú ike tí wọn ò tíì ṣí, kí ẹ sì má fi omi ẹ̀rọ fọ ìgò oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá káàdì yín àtijọ́ jáde. Ṣé ẹ ní yẹ́lò káàdì tí ẹ fi jáde ní 2011?

Ọmọ Òwu (Bẹ́mińgámù)
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí àárín. Màmá mi ọlọ́dún mẹ́tàdínláàádọ́rin wà lọ́dọ̀ mi níbí, wọ́n fẹ́ lọ síbi òkú ẹ̀gbọ́n wọn ní Abẹ́òkúta. Káàdì wọn wà, àmọ́ 1998 ni wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé 2008 ló parí. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n lọ gba òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún gún màmá. Láti oṣù Keje 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìwé ẹ̀rí ibà pọ́njú, títí ayé ni. Ìyẹn kan èyí tí wọ́n ti kọ tipẹ́, 2008 tí wọ́n kọ sí i ò di nǹkan kan mọ́. Ẹ fi ike bo káàdì náà kó má baà ya.

Ohun tí mo fi tètè dáhùn ni ọjọ́ orí wọn. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà àkọ́kọ́, ewu rẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè kan ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Dókítà ló yẹ kó jókòó ti irú àgbà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kàn án. Bákan náà ni ẹni tó lóyún, ẹni tí ẹyin ń bá jà gidigidi, àti ẹni tí oògùn tàbí àìsàn ti dín agbára ara rẹ̀ kù, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. A máa ń kọ lẹ́tà fún àwọn tí kò lè gbà á, tí wọ́n á fi han ní pápákọ̀.

Ọmọ Òwu (Bẹ́mińgámù)
Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Wọ́n ti fẹ́ lọ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì!

Apòògùn Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n Hàúsítìn, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ mú. Oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ẹ ń lò dára, òun náà la fi ń tọ́jú ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ibà ń ṣe. Àmọ́ kì í pẹ́ lára. Àtẹ́mẹ́tà inú rẹ̀ kì í lo ọjọ́ kan tán, èkejì tí wọ́n pò mọ́ ọn ń pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ, òun náà á sì tán. Ọjọ́ tí ẹ balẹ̀ lẹ lò ó, kò tíì sí kòkòrò kankan lára yín tó máa pa. Ẹ̀fọn tó bá jẹ yín ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ilé òfìfo ló bá. Ní ti fífọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ nígbà tí ẹ dé.

Ó tún kù: ẹ wo iwájú páálí fún nọ́ńbà NAFDAC, ayédèrú pọ̀. Ẹ̀yin tí ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ẹ ra èyí tí ẹ ó fi dènà ibà kí ẹ tó wá.

Ẹ̀gbọ́n Hàúsítìn
Apòògùn, mo gbọ́. Àmọ́ ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe é tí nǹkan kan ò ṣe mí? Ẹ jẹ́ ká máa sọ òtítọ́, àwa tí a jẹ ẹ̀fọn mọ́ àkàrà ní kékeré, ara wa yàtọ̀. Oògùn ibà Sunday-Sunday ni bàbá wa ń fún wa lọ́jọ́ ìsinmi nígbà náà, òun la fi ṣe iléèwé.

Apòògùn Ìbàdàn
Sunday-Sunday ti di ìtàn, ẹ̀gbọ́n. Kòkòrò ibà ti mọ ọ̀nà tó ń gbà yè é. Kulorokúìnì tó máa ń mú wa họra láti òru dé ìdájí náà ti rí bẹ́ẹ̀, láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà. Ní ti ara tó yàtọ̀, àwa tí ẹ̀fọn ń jẹ níbí lójoojúmọ́ ló ní ìdí láti sọ bẹ́ẹ̀, kódà ibà ṣì ń gbé wa dálẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kúrò fún ọdún mélòó kan, ara á gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ lọ́dọọdún, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ ṣẹ́kù lára yín, ó sì lè jẹ́ orí yín ló ń ṣe é. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Pẹ́kàmù ò ní nǹkan kan lára tó fi máa bá ibà jà. Orílẹ̀ kì í gún abẹ́rẹ́ fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Hàúsítìn
Ti àwọn ọmọ, mo gbà. Ti èmi, a ó máa bá a bọ̀.

Àdùkẹ́ AS
Èmi ń kọ́? AS ni mí. Wọ́n sọ fún wa níléèwé pé ibà ò lè mú AS.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Ìdajì òótọ́ ni. AS máa ń dín ibà líle kù, pàápàá lára ọmọdé tó ń gbé níbi tí ibà wà. Kì í dènà kí ibà múni. Ẹ lo oògùn bíi tàwọn tó kù. Ẹni tó bá jẹ́ SS, òun ni kó lọ bá dókítà rẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, torí ibà lè gbé e dálẹ̀ kíákíá.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Pẹ́kàmù)
Ó dáa. Oògùn wo wá ni? Ní kẹ́míìsì, wọ́n dárúkọ Málárónì, wọ́n ní ọ̀wọ́n ni. Wọ́n ní dọkisisáíkílìn ò wọ́n. Ọmọ mi kékeré, kílò mẹ́wàá ni. Èyí ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàdínlógún.

Apòògùn Ìbàdàn
Dọkisisáíkílìn kúrò ní ti àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìlá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aláboyún. Ẹ̀yin àti ọkọ yín lè lò ó, àmọ́ ẹ má dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ẹ fi omi púpọ̀ sìn ín lọ, oòrùn sì lè jó awọ ara yín. Bí ẹ bá ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù ni ìgbà tí a máa dá a dúró. Bí ẹ̀fọn bá ti gbé kòkòrò sínú ara, ẹ̀dọ̀ ló ń sá sí fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀. Málárónì máa ń bá a nínú ẹ̀dọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ méje péré lẹ ó fi lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò nílé. Dọkisisáíkílìn ń dúró dè é nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Pẹ̀lú déètì yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ Málárónì ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ẹ sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní. Hóró mẹ́tàdínlógójì ni fún àgbàlagbà kan. Ẹni tó bá lo èkejì, ọjọ́ 6 oṣù Kejì ló máa dúró.

Ti àwọn ọmọ, hóró kékeré wà tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n á lo ọ̀kan lójúmọ́. Àbúrò, nítorí kò tíì pé kílò mọ́kànlá tí wọ́n kọ sí páálí, kí dókítà kọ ìwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má fi ojú dá a. Ẹ tún un wọ̀n bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ yẹn á ti sanra sí i. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ wàrà tàbí ògì tó ní mílíìkì dáadáa, torí ọ̀rá ló ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara. Bó bá bì í láàárín wákàtí kan, ẹ tún un fún un.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Ọ̀rọ̀ apòògùn pé. Ohun tí mo kàn fẹ́ fi kún un ni pé ẹ̀fọn ibà, òru ló ń jẹun, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú, ọ̀sán ni tirẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn sí ni kí àwọn ọmọ sùn sábẹ́ rẹ̀, kódà bí ẹ bá ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Èkó, ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ. Òróró ìpara tó ní DEET ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lẹ lè fi pa wọ́n lára, kò ṣe àbúrò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ má fi kan ọwọ́ rẹ̀ tó ń ki bọnu.

Bàbá Líìdì
Gbogbo ẹ̀ ló dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbà tí ẹ bá padà dé. Àbúrò mi lọ sí Òṣogbo fún ìgbéyàwó, ó lo Málárónì dáadáa níbẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé ló kó èyí tó kù sínú dúróọ̀, ó ní ẹ̀fọn ò sí ní Líìdì. Lọ́sẹ̀ kẹta, orí ń fọ́ ọ, òtútù ń mú un, a rò pé ti ìgbà òtútù ni. Ó pe tẹlifóònù, wọ́n ní kó sinmi, kó lo parasẹtamọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó ti dé, òun náà ò sọ. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì pariwo ní ẹnu ọ̀nà pé Nàìjíríà ló ti bọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Wọn ò jẹ́ kó lọ, wọ́n tún un gbà lọ́jọ́ kejì, ibà ló jáde, èyí tó burú jù nínú wọn. Ó sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Bí wọ́n ṣe tún un gbà yẹn, bó ṣe yẹ gan-an nìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan tí kò rí kòkòrò kò tíì dá ibà láre. Ó lè di ẹ̀ẹ̀mẹta, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ní 2023, iye ẹni tó kó ibà wọ Bìrìtìkó lé ní 2,000, púpọ̀ nínú wọn ló ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bọ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, ẹ gbọ́ ìgbà tí ẹ ó sáré. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná láti ọjọ́ keje tí ẹ ti dé Nàìjíríà, títí ọdún kan yóò fi pé lẹ́yìn tí ẹ bá padà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má dúró de ọ̀la. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ojú yín là jù. Kódà bí ẹ bá lo oògùn láì fo ọjọ́ kan, nítorí kò sí èyí tó ń dènà pátápátá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu yín ni "a ti Nàìjíríà bọ̀," ẹ sì sọ oògùn tí ẹ lò, torí wọn ò ní fi oògùn kan náà tọ́jú yín. Ibà ọmọdé kì í fìgbà gbogbo jọ ibà: ó lè jẹ́ èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, kó kọ oúnjẹ, kó máa sùn jù. Bó bá ń gìrì tàbí tí kò jí dáadáa, pàjáwìrì ni, ẹ pe 999.

Bó bá ṣẹlẹ̀ ní Ìléṣà, ẹ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì dá oògùn ìdènà dúró àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Apòògùn Ìbàdàn
Ẹ sì ní kí wọ́n fi èsì hàn yín. Níbí, ara gbóná díẹ̀, wọ́n á ní "ibà àti táífọ́ọ̀dì" kí ẹ tó jókòó.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Pẹ́kàmù)
Mo ti pe wọ́n láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àyè ti wà ní ọjọ́ 29 fún àbúrò, mo sì ti dá ọjọ́ 26 fún ti ibà pọ́njú fún àwọn ọmọ méjèèjì. Kálámù ni mo fi kọ gbogbo déètì sára fíríìjì. Káàdì tèmi ti 2011, mi ò rí i, mo ń tú àpótí. Bí mi ò bá rí i, ṣé mo lè tún abẹ́rẹ́ náà gbà láìséwu, àbí kí n kọ̀wé sí ibi tí mo ti gbà á ní Èkó?

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Ẹni tí kò tíì tó ọgọ́ta ọdún tí ara rẹ̀ le lè tún un gbà, kì í sábà ṣe nǹkan kan ju kí apá dùn ún lọ. Ẹ má retí lẹ́tà láti Èkó.

Ẹ̀gbọ́n Hàúsítìn
Wọ́n gba yẹ́lò káàdì tèmi wò ní Èkó lọ́dún tó kọjá, wọn ò béèrè ti ọmọ mi rárá.

Ọmọ Òwu (Bẹ́mińgámù)
Wọ́n béèrè ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méjì. Ẹni tí ẹ bá bá nídìí iṣẹ́ ni. Ẹ mú un dání nínú báàgì ọwọ́, ẹ má kó o sínú èyí tí wọ́n máa gbé sí ikùn bàálù.